Ìlà Pupa àti Ọjọ́ Ọjà Ìdí-Àràbà

Kí ni a ti mọ̀ nípa ìkúnlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rò ó pọ̀ ná. A mọ̀ pé ọmọbìnrin a máa kúnlẹ̀ kí àgbà. A mọ̀ pé ìyàwó tuntun a máa kúnlẹ̀ gba ìre lẹ́nu òbí rẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ. A sì mọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, èyí tí gbogbo ọmọ fi jẹ ìyá rẹ̀ ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ mìíràn tún wà tí a kì í sábà rántí, ìyẹn ìkúnlẹ̀ ẹlẹ́jọ́. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í ṣe adájọ́ ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹni tó kúnlẹ̀ gan-an ló ń pinnu rẹ̀. Bí èyí bá rú yín lójú, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Ìbíwùmí, bí àwọn ará Ìdí-Àràbà ṣe ń sọ ọ́.

Ìbíwùmí ni ọmọ Ìdí-Àràbà àkọ́kọ́ tó di akọ̀wé. Abúlé oníṣu ni Ìdí-Àràbà, ìrìn wákàtí méjì ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ìlú Ìlárìn, níbi tí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú wà. Lọ́jọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ dé, bàbá rẹ̀ kò lọ sóko. Ó wọ agbádá, ó jókòó síwájú ilé, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló sì ń pè.

"Ṣé o ti gbọ́?" bàbá á wí.

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́, Bàbá Ìbíwùmí?"

"Pé ọmọ mi á máa kọ orúkọ àwọn ọmọ yín sínú ìwé ìjọba. Bí ó bá kọ ọ́, ó di kíkọ nìyẹn."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ìwé ìbí ni iṣẹ́ Ìbíwùmí. Bí obìnrin bá gbé ọmọ tuntun wá, Ìbíwùmí á bi í léèrè orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ bàbá àti ìyá, àti abúlé tí wọ́n ti wá. Á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ìyá á tẹ ìka, òun náà á fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ẹ̀dà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, inú ìwé ńlá yẹn náà ni wọn yóò ti wò ó kọ. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni wọ́n ń ti àwọn ìwé náà mọ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọrùn Ìbíwùmí ló sì máa ń wà, lára okùn dúdú kan. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń kan án láyà bó bá ń rìn.

Ọ̀gá rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú, olórí akọ̀wé. Àgbàlagbà tí kì í pariwo ni. Ìwé kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀. Bí aago méje ààbọ̀ bá lù, á mú gègé pupa, á fa ìlà gbọọrọ kan sábẹ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Ẹni tó bá pẹ́ á fọwọ́ sí i lábẹ́ ìlà náà, gbogbo ayé á sì rí i. Ẹni tí kò bá wá rárá gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá padà dé, á kọ ìdí rẹ̀ sórí bébà, bébà náà á sì wọ fáìlì rẹ̀. Odindi ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá, orúkọ Ìbíwùmí kò bọ́ sábẹ́ ìlà pupa rí. Oṣù méjì péré ló kù tí ọdún méjì ìdánwò rẹ̀ yóò pé. Bí ìgbìmọ̀ bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà, ó di òṣìṣẹ́ pátápátá. Bí wọn kò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, á padà sídìí iṣu.

Ní àkókò yìí ni bàbá rẹ̀ ní òun ń fẹ́ fọ́tò ọmọ òun tí òun yóò gbé kọ́ sára ògiri, "fọ́tò akọ̀wé, kì í ṣe fọ́tò ọmọge." Ayàfọ́tò tó mọ iṣẹ́ jù lágbègbè náà wà ní Òkè-Ìrè, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló sì máa ń wà nílé. Ìbíwùmí rò ó pé bí òun bá wọ ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́, òun lè padà sídìí iṣẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù. Kò tọrọ àyè. Ojú ń tì í láti sọ fún ọ̀gá pé fọ́tò ni òun fẹ́ lọ yà. Ó wọ aṣọ funfun, ó fi gègé há irun, ó sì lọ.

Ayàfọ́tò kò tètè jí. Nígbà tó jí, ó ní kí àwọn dúró de oòrùn. Nígbà tí oòrùn yọ, ọkọ̀ tí ì bá gbé Ìbíwùmí padà ti lọ, táyà èyí tó tẹ̀ lé e sì fọ́ lójú ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé Ìlárìn, ọ́fíìsì sì ti tì. Ibẹ̀ ló ti fọwọ́ kan àyà, ó sì bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ojúmọ́ náà mọ́ bá a pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kò sì rántí pé kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

"Ìbíwùmí, a wá ọ tì lánàá. Ṣé kò sí?"

Bó bá ti bínú ni, bóyá òótọ́ ni ì bá jáde. Ṣùgbọ́n ohùn náà tutù, àánú sì wà nínú rẹ̀. Ìbíwùmí ti lanu kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Mo lọ sùn sílé wa, sà, wọ́n sì gbé orò. Obìnrin kankan ò lè jáde."

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú irọ́ yìí. Nílẹ̀ wa, bí orò bá jáde, obìnrin a sé ara rẹ̀ mọ́lé, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tú wò ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú mi orí, ó ní, "Àṣà ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún fáìlì." Ìbíwùmí kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Ọdẹ́níran tó ń fi kẹ̀kẹ́ ọ́fíìsì pín lẹ́tà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹnu Ọdẹ́níran kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Kó tó di ọ̀sán, ó ti sọ ọ́ fún àwọn obìnrin alájàpá tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì, tí wọ́n máa ń lọ ra iṣu ní Ìdí-Àràbà, pé orò wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ìbíwùmí kò mọ̀. Iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó dúró dè é ló ń ṣe. Ènìyàn mẹ́tàlá ló ti wá lọ́jọ́ náà tí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ìyá Akínkúnmi wà lára wọn, obìnrin kan tó fẹ́ gba ẹ̀dà ìwé ìbí fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọ iléèwé gíga. Ó tún fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà wá lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn.

"Wọ́n ní ohun tó sé ọ mọ́lé lágbára," obìnrin náà wí bó ṣe ń tẹ ìka. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Pẹ̀lẹ́ yẹn ta Ìbíwùmí létí bí ẹni pé wọ́n gbá a lójú.

Ọjọ́ Ajé dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú gbé lẹ́tà kan fún un pé kó fún un ní nọ́mbà, nítorí Ìbíwùmí náà ló ń tọ́jú ìwé tí wọ́n ń kọ lẹ́tà àjáde sí. Bàálẹ̀ Ìdí-Àràbà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: kí Bàálẹ̀ jọ̀wọ́ máa fi ọjọ́ orò tó ọ́fíìsì létí ṣáájú, kí àwọn má baà dá ọjọ́ náà fún àwọn obìnrin abúlé, kí òṣìṣẹ́ àwọn tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ sì lè fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Inú rere ló kọ lẹ́tà náà.

Ìbíwùmí dì í mú. Ó lè fi í sábẹ́ fáìlì, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dé ọ́fíìsì yìí, lẹ́tà kankan kò sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó kọ nọ́mbà rẹ̀, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ sí fáìlì, ó sì fún Ọdẹ́níran. Ó ń sọ lọ́kàn pé Bàálẹ̀ kò mọ̀wé, pé kò ní dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́ Ajé, èsì dé. Olùkọ́ abúlé ló bá Bàálẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn Bàálẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: "Ọjọ́bọ̀ tí ẹ dárúkọ, ọjọ́ ọjà wa ni. Àwọn obìnrin wa nájà títí ilẹ̀ fi ṣú. A kì í gbé orò lọ́jọ́ ọjà, bàbá wa kò ṣe é rí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde ní ọ́fíìsì yín, a ti ná ọjà méjì, àwọn oníbàárà Ìlárìn kò wá. Àwọn obìnrin ru iṣu wọn padà sílé. Ta ló gbé orò fún wa?"

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí ná, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ nìyí. Ìdí-Àràbà ń ná ọjà ní ọrọọrún. Bí wọ́n bá ná an ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò tún ná an, lẹ́yìn rẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn rẹ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ́fíìsì ní tirẹ̀ ń ka ọjọ́ méje méje. Nígbà tí Ìbíwùmí wà lọ́mọdé, kò sí ohun tó lè mú un gbàgbé ọjọ́ ọjà, nítorí òun ló ń bá ìyá rẹ̀ ru iṣu lọ. Ọdún méjì tó fi ń gbé ní Ìlárìn, tó ń ka ọjọ́ bí ọ́fíìsì ṣe ń kà á, ti mú un gbàgbé bí ilé ṣe ń kà á. Bó bá ti ka ọjọ́ mọ́ ìka bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ni, ì bá ti mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú ka èsì náà tán. Ó kọ kúẹ́rì, ó sì gbé e síwájú rẹ̀: kó ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méjì ìdí tí ohun tó kọ sínú fáìlì fi yàtọ̀ sí ohun tí Bàálẹ̀ sọ. Ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọdẹ́níran náà ní kúẹ́rì tirẹ̀ lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ọ́fíìsì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí àyè. Ó fara ti tábìlì Ìbíwùmí.

"Ìyá Akọ̀wé, èyí ò le. Kọ ọ́ pé orò abúlé kejì ló ká ọ mọ́ lójú ọ̀nà, pé o ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tiyín."

"Bí wọ́n bá tún bi abúlé kejì ńkọ́?"

"O ò ṣá dárúkọ abúlé. Irọ́ ò gbọdọ̀ ní àdírẹ́sì."

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín, kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí Ọdẹ́níran lọ, ó mú gègé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. "Nígbà tí mo ń bọ̀ láti ilé..." Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ìwé ìbí tó ṣí síwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, orúkọ, ọjọ́, abúlé, ìka ìyá. Gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí kò mọ ìwé kà. Ohun tí wọ́n tẹ ìka sí ni ohun tí Ìbíwùmí kọ. Wọ́n gbà á gbọ́. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ pé bí ó bá kọ ọ́, ó di kíkọ nìyẹn. Ó fa bébà náà ya, ó sì mú òmíràn.

Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ "ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ fọ́", ó sì rí i pé "ṣùgbọ́n" yìí tún fẹ́ bá òun ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò. Ohun tó kù nìyí:

"Sí Olórí Akọ̀wé. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mi ò wá síṣẹ́, mi ò sì tọrọ àyè. Fọ́tò ni mo lọ yà ní Òkè-Ìrè. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́rùn mi. Ní ọjọ́ kejì mo kọ ọ́ pé wọ́n gbé orò ní Ìdí-Àràbà. Wọn ò gbé orò. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ènìyàn mẹ́tàlá padà lọ́wọ́ òfo, Ìyá Akínkúnmi sì rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ mi ba ọjà abúlé mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀la. Mo tọrọ àyè láti lọ sọ òótọ́ níbẹ̀ lẹ́nu ara mi, kí àwọn oníbàárà lè padà. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpòòwé yìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá ṣe, mo gbà á. Ìbíwùmí."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú kà á ní ìdúró. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́ kọ ọ́?"

"Kò sí, sà."

"Máa lọ sọ́jà lọ́la. Fọwọ́ sí ìwé kó o tó lọ."

Bí ó ṣe ń lọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó yà sọ́dọ̀ àwọn alájàpá ìdí ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ fún wọn lójú, mẹ́fà nínú wọn sì bá a lọ. Ní Ìdí-Àràbà, Bàálẹ̀ mú un dúró láàárín ìsọ̀ iṣu. Kò bá a sọ ọ́. Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, orò kò jáde níbí. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, nítorí pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ya fọ́tò. Ẹ forí jì mí."

Gbogbo ọjà kọjú sí i. Ìyá rẹ̀ wà nídìí iṣu rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni ìyá àgbà kan láti ẹ̀gbẹ́ kejì gbé ohùn sókè.

"Ṣé fọ́tò náà tilẹ̀ dára?"

Ẹ̀rín bú sọ́jà. Àwọn oníbàárà mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Ìyá Ìbíwùmí nu ojú pẹ̀lú etí ìró, ó sì ní, "Wá bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ yìí, kí o yéé dúró bí òpó."

Ọjọ́bọ̀ pé. Àṣà ìgbìmọ̀ Ìlárìn ni pé ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá wà nílẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, yóò kúnlẹ̀ sórí ẹní. Kò gbọdọ̀ dìde títí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yóò fi dọ́gba. Olóyè Ọ̀tún ló ń darí ìjókòó.

Ọdẹ́níran ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ó sì kúnlẹ̀. Ó ní odò kún, òun kò lè gbé kẹ̀kẹ́ sọdá. Olóyè Ọ̀tún bi í pé odò wo ló ń kún nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kì í ṣe odò gan-an, ẹ̀gún ló wọ táyà. Wọ́n pe ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó ní òun kò rí kẹ̀kẹ́ kankan. Ọdẹ́níran ní òun fúnra òun ló tún un ṣe. Wọ́n ní kó sọ irinṣẹ́ tó lò. Ó sún orúnkún kan lórí ẹní, ó tún sún èkejì. Oòrùn ti dé àárín òrùlé, wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná," Olóyè Ọ̀tún wí. "Ẹ pe ọmọbìnrin náà."

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú ka lẹ́tà náà. Wọ́n bi Bàálẹ̀ Ìdí-Àràbà bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi kún un. Bàálẹ̀ ní kò sí, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó tilẹ̀ sọ ti fọ́tò tí àwọn kò mọ̀ rárá. Wọ́n bi í pé ọjà ńkọ́. Ó ní ọjà ti padà bọ̀ sípò.

Olóyè Ọ̀tún wo ọmọbìnrin náà. "Ìdánwò rẹ yóò gùn sí i ní oṣù mẹ́ta. Bébà irọ́ àti bébà òótọ́ yóò jọ wà nínú fáìlì rẹ. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, bàbá."

"Kò sí ohun tí a tún fẹ́ bi ọ́. Dìde."

Orúnkún rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó ṣe ń dìde, Ọdẹ́níran gbójú sókè láti ibi tó wà. "Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ìwọ náà ni wọ́n ní kó dìde?" Bàálẹ̀ Ìdí-Àràbà gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a lóhùn. Èsì yẹn ni ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí, nítorí kò pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo àgbà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú fa okùn dúdú kan yọ nínú àpò. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé Ìbíwùmí lọ́wọ́. "Ènìyàn mẹ́rin ti ń dúró," ó ní. Ìbíwùmí fi í kọ́rùn, ó sì lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì gbé fọ́tò yẹn kọ́, ọmọbìnrin tó wọ aṣọ funfun, gègé nínú irun, kọ́kọ́rọ́ láyà. Bí àlejò bá ń yìn ín, bàbá á ní, "Fọ́tò ṣe é rà. Ẹ bi mí léèrè lẹ́tà tó kọ nítorí rẹ̀." Á sì kà á fún wọn láìwo bébà kankan, láti orí dé ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé.

Ó ku ìwọ tó ń kàwé. Bóyá ẹnì kan wà tí o ṣì jẹ ní òótọ́ kan. Mú bébà. Kọ ohun tí o ṣe, ohun tí o sọ tí kì í ṣe òótọ́, ẹni tó pa lára, àti ohun tí o fẹ́ ṣe láti tún un ṣe. Bí "ṣùgbọ́n" bá yọjú, yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, fi jíṣẹ́, kí o sì wo bí orúnkún rẹ yóò ṣe pẹ́ tó nílẹ̀. Ohun tí Bàálẹ̀ sọ fún Ọdẹ́níran lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà fi ń pòwe títí dòní pé: ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.